Ta ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà? Kíka lẹ́tà sókè kí a tó fi ránṣẹ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága, àti ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ tí a tìtorí yín pe ìjókòó yìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ kò le. Bí a bá ti kọ lẹ́tà tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tán, kí ló yẹ ká ṣe sí i kó tó kúrò lọ́wọ́ wa, kó má baà di ìjà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á? Èsì mi ni pé ká kà á sókè, ká sì fi etí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò sọ pé àwọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kíkà wà tó jẹ́ pé ẹni tó kà á kò ní rí ohunkóhun tún ṣe nínú ohun tó kọ. Bí kíkà náà ṣe lè ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ ká jọ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ rírán. Tótó ṣe bí òwe, àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìgbà tó jẹ́ pé ẹnu ni a fi ń ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu ẹni tó sọ ọ́ bọ́ sí etí ẹni tí a sọ ọ́ sí tààrà. Ìránṣẹ́ wà láàárín wọn. Bàbá lè fi ìbínú sọ pé, “Lọ sọ fún un kó gbé owó mi wá lónìí olónìí!” Ọmọ tó mọ iṣẹ́ jẹ́ á dé ọ̀hún, á dọ̀bálẹ̀, á kí onílé, á béèrè àwọn ọmọ, kó tó wá sọ pé, “Bàbá ní kí n kí yín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó ìjẹta yẹn, àwọn ń retí yín lónìí.” Iṣẹ́ ti jẹ́. Owó náà ni wọ́n béèrè, lónìí náà ni wọ́n dá. Ìbínú ni ọmọ náà fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún wa lórí fóònù? Kò sí ẹnìkan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe gbóná tó lọ́wọ́ wa náà ló ṣe gbóná tó nígbà tó bá dé ọ̀hún. Bí kò tilẹ̀ gbóná lọ́wọ́ wa, ó lè gbóná lójú ọ̀nà, torí pé ẹ̀rín tó wà lójú wa nígbà tí à ń tẹ̀ ẹ́ kò bá a lọ. Kíka ìwé sókè kí a tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ìránṣẹ́ yẹn gan-an ni à ń ṣe fún ara wa.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìdí tí ojú tiwa kì í fi í rí àléébù ọ̀rọ̀ wa. Ní ọdún 1990, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Newton, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pín àwọn ènìyàn sí méjì. Ó ní kí àwọn kan máa fi ìka lu orí tábìlì, bí ìlù, ní ìdún orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó ní kí àwọn kejì máa sọ orin tó jẹ́. Ó bi àwọn tó ń lù ú pé, ẹ rò pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọn yóò mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní ìdajì. Orin 120 ni wọ́n lù. Mẹ́ta péré ni àwọn tó ń gbọ́ mọ̀.

Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bí òwe bí òwe là ń lù ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Orin ń kọ lọ́wọ́ nínú orí ẹni tó ń lù ú, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé síbẹ̀, ó sì rò pé ẹnìkejì ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dé etí ẹnìkejì ni kó, kó, kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà ṣe rí. Nígbà tí a bá fi ojú ka ohun tí àwa fúnra wa kọ, ohùn tí a ní lọ́kàn ni à ń gbọ́, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó gbà á kò ní ohùn yẹn.

Ní 2005, àwọn olùwádìí kan, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì dán an wò. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, nínú ìwé tàbí pẹ̀lú ohùn; òmíràn jẹ́ òótọ́, òmíràn jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé nínú 100, nǹkan bí 78 ni yóò yé àwọn tó gbà á. Ní ti àwọn tó gba ti inú ìwé, nǹkan bí 56 ló yé wọn, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa ju owó sókè láti mọ̀. Àwọn tó gbọ́ ohùn gan-an sún mọ́ ohun tí wọ́n rò. Apá kan tún wà nínú iṣẹ́ náà tó wúlò fún wa jù lọ: nígbà tí wọ́n ní kí àwọn kan ka ọ̀rọ̀ ara wọn sókè ní ohùn tó lòdì sí èyí tí wọ́n ní lọ́kàn, ìdánilójú wọn wálẹ̀. Etí wọn ló sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kan náà lè dún ní ọ̀nà méjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ó tó àkókò ká mú lẹ́tà kan ká tú u palẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò kan ló kọ ọ́ sí ìyá àgbà kan tó nílé níbẹ̀, Alhaja kan. Owó tiransífọ́mà ni wọ́n ń dá, 25,000 náírà fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí akọ̀wé tẹ̀ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ rán yín létí pé ẹ kò tíì san owó tiransífọ́mà yín. Gbogbo àwọn onílé yòókù ti san. Ṣebí a jọ fẹnu kò nípàdé pé oṣù tó kọjá ni òpin. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ san án kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ ṣé.”

Ẹ wò ó. Èébú kan kò sí níbẹ̀, “ẹ káàárọ̀” wà, “mà” wà, “ẹ jọ̀wọ́” wà, “ẹ ṣé” náà wà. Akọ̀wé yìí kò bú ẹnikẹ́ni, ó sì lè fi ọkàn kan búra pé ọ̀wọ̀ ni òun fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Kíkà àkọ́kọ́: kó gbé e sílẹ̀ ná. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní ìbínú nínú, wákàtí kan tó. Bí ìbínú bá wà níbẹ̀, kó sùn lé e lórí. Bí a bá kà á lójú ẹsẹ̀, ohùn tí a fi kọ ọ́ ṣì gbóná létí wa, òun náà ni a ó sì fi kà á. Lẹ́yìn náà, kó kà á sókè ketekete, kì í ṣe kó kàn máa mi ètè. Kó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ẹnu a máa fi ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un. Akọ̀wé á kà á pé “Ẹ jọ̀ọ́ mà, gbogbo àwọn onílé yòókù ti san,” kò sì sí “ẹ jọ̀ọ́ mà” kankan níbi tó ti kà á. Gbogbo ibi tí ẹnu bá ti fi nǹkan kún un, ìwé ló ṣaláìní in. Ibi tí ohùn bá sì ti rọlẹ̀, tí a ń fi ohùn bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè dùn, kó sàmì sí i. Ohùn ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣe, ohùn kò sì ní bá a dé ọ̀hún.

Kíkà kejì: kó kà á bí ẹni tí inú ń bí. Èyí ni mo ní ká fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Kó gbójú, kó gbé ohùn ga, kó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ bá mi kà á wò. “Ẹ KÒ tíì san owó tiransífọ́mà YÍN. GBOGBO àwọn onílé yòókù ti san. ṢEBÍ a jọ fẹnu kò nípàdé!” Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ? Kò sí ibi tí ẹnu ti kọsẹ̀. Gbólóhùn tó bá gba ìbínú wọlé wẹ́rẹ́ báyìí, bí ọjọ́ bá ti le díẹ̀ fún ẹni tó gbà á, bó ṣe máa gbọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi ìbínú ka èyí: “Ó lè jẹ́ pé ẹ ti fi rán ẹnìkan, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi.” Ó ń nira. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń fa ohùn wálẹ̀. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni à ń wá.

Kíkà kẹta ló ṣòro jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Kó bọ́ sórí àga Alhaja. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé àwọn ti ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n bi ara wọn pé, “Bí wọ́n bá kọ èyí sí mi, ṣé yóò dùn mí?” Wọ́n á ní rárá, torí àwọn mọ ohun tí àwọn ní lọ́kàn. Ẹ má bi ara yín bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó bi ara yín ni ibi tí Alhaja wà, ẹni tí yóò kà á fún un, àti ohun tó mọ̀ tí akọ̀wé kò mọ̀.

Ta ni yóò kà á fún un? Ìyá àgbà tí ojú ń dun, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò nawọ́ fóònù sí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yóò kà á sókè ní pálọ̀, bóyá níṣojú àlejò méjì. Ẹ wá gbọ́ “Gbogbo àwọn onílé yòókù ti san” láti ẹnu ọmọ yẹn. Ohun tí pálọ̀ gbọ́ ni pé ìyá àgbà nìkan ló jẹ gbèsè ní gbogbo àdúgbò. Akọ̀wé rò pé ìròyìn ni òun ń sọ. Ìtìjú ló fi ránṣẹ́. Kì í sì í sábà jẹ́ òótọ́ pé gbogbo onílé ti san. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kò sí ohun tó ń ṣe níbẹ̀ tí ọjọ́ tí a dá kò lè ṣe.

Kí ni Alhaja mọ̀? Ó lè jẹ́ pé ó ti fún ẹnìkan lówó náà. Ó lè jẹ́ pé kò sí nípàdé ọjọ́ yẹn. Akọ̀wé kò mọ̀ pé kò san. Ohun tó mọ̀ ni pé òun kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé òun. “Ẹ kò tíì san” jẹ́ ìdájọ́, “n kò tíì rí i nínú ìwé mi” jẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá lọ sí ibi tí “ẹ kò” bá wà nínú lẹ́tà wa, ká bi ara wa léèrè bóyá ohun tí a rí ni à ń sọ, àbí ohun tí a fi kún un.

“Ṣebí” ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀, “àbí”, “kẹ̀”, “mo ti sọ tẹ́lẹ̀”, “ẹ̀yin náà mọ̀”, ojú ló ń gbé wọn ró. Ní ẹnu, pẹ̀lú ẹ̀rín, “ṣebí a jọ wà níbẹ̀” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Mo dábàá pé bí ẹ bá rí “ṣebí” nínú lẹ́tà sí ẹni tó jù yín lọ, ẹ pa á rẹ́, ká má sì ṣe àríyànjiyàn lórí rẹ̀. “Ẹ jọ̀wọ́” tó tẹ̀ lé e kò lè tún un ṣe mọ́, torí ó ti dé lẹ́yìn ẹ̀gún mẹ́ta. “Ẹ ṣé” tó sì gbẹ̀yìn, bó bá tẹ̀ lé ìbáwí, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ni ló máa ń dún.

Kódà “ẹ káàárọ̀” ní tirẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí a tẹ̀ láàárọ̀ lè di kíkà lálẹ́, ọmọ náà á sì máa kí ìyá àgbà káàárọ̀ lẹ́yìn Ìṣá. Ìkíni tí kò mọ aago ló dára jù: “Mo kí yín mà,” tàbí “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” bó bá ti pẹ́ tí a rí ara wa.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí akọ̀wé tún kọ:

“Mo kí yín mà, Alhaja. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni. Ọ̀rọ̀ owó tiransífọ́mà, 25,000 náírà fún ilé kọ̀ọ̀kan, ni mo fi ń yọ yín lẹ́nu. N kò tíì rí ti ilé yín nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti fi rán ẹnìkan, tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè tún ìwé mi ṣe. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa wá a kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, torí ọjọ́ Sátidé la fẹ́ kó owó fún oníṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá gbà á nílé, mo lè wá. Ẹ ṣeun mà.”

Ẹ ka èyí náà pẹ̀lú ìbínú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mọ́kànlá kà á níṣojú àlejò. Owó ṣì jẹ́ iye tó jẹ́, Jímọ̀ ṣì ni ọjọ́, ó sì wá ní ìdí. Èmi kò rí ibi tí akọ̀wé ti jọ̀wọ́ ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ wá kù lórí àṣìṣe òdìkejì. Àwọn kan, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn le, á fi àdúrà ìlà mẹ́fà bẹ̀rẹ̀, á pa òwe méjì, á sì fi owó sí ìlà tó kẹ́yìn. Ọmọ tó ń kà á fún ìyá àgbà á ti gbé fóònù sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ kà á fún ẹnìkan tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹ mú ìwé kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹ wá bi í pé, “Kí ni wọ́n ń fẹ́, èló ni, ìgbà wo?” Bí kò bá lè dáhùn, ọ̀rọ̀ náà ti rọ̀ jù. Ẹni tí ẹ ó kà á fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ti gbè sẹ́yìn yín lórí ọ̀rọ̀ náà, torí ohùn yín lòun náà máa fi gbọ́ ọ. Èyí tó tilẹ̀ dára ju pé kẹ́ ẹ kà á fún un ni pé kí òun kà á fún yín, kẹ́ ẹ má sọ bí yóò ṣe kà á. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, tàbí tó ti fi ohùn tí ẹ kò rò kà á, ẹ tún un kọ. Òwe náà, bó bá jẹ́ àgbà ni à ń kọ ọ́ sí, ìwé tí kò ní “tótó ṣe bí òwe” níwájú rẹ̀ ń pe àgbà léèyàn lásán. Mo rò pé kẹ́ ẹ fi òwe sílẹ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ owó.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì ohùn, torí èdè tiwa ni, kò sí ẹni tó máa bá wa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ fóònù ni a fi ń tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i. Akọ̀wé kan tẹ “E ma wa lola” sí ẹgbẹ́. Kí ni ó sọ? Ẹ máa wá lọ́la, àbí ẹ má wá lọ́la? Àwọn kan á wá, àwọn kan á jókòó sílé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á sì máa bínú. “E ma binu” náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀bẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ti ní nǹkan nínú lè kà á sí pé ẹ ní kóun máa bínú lọ. Kíka a sókè nìkan kò lè rí èyí, torí ẹnu ẹni tó kọ ọ́ á fi àmì tó tọ́ sí i láìmọ̀. Ohun tó ń rí i ni kíkà kejì: ẹ wá ohùn mìíràn tí àwọn lẹ́tà náà lè gbà. Bí àmì kò bá sí lórí fóònù, ẹ tẹ “maa” pẹ̀lú a méjì nígbà tí ẹ bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn pátápátá: “Kò sí ìpàdé lọ́la.”

Èsì kúkúrú náà kò gbọdọ̀ yọ lọ́wọ́ yín. Ẹnìkan kọ ìlà mẹ́wàá sí yín, ẹ dá a lóhùn pé, “Mo ti gbọ́.” Ẹ sọ ọ́ sókè. Bí a ṣe ń parí ìjà ni. “Kò burú” pẹ̀lú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ń sọ pé a ó jọ rí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó ń sọ ohun tí ẹ máa ṣe: “Mo ti gbọ́ mà, màá mú un wá lọ́la.” Ìyẹn ti tó.

Kíkà yìí ní ibi tó mọ. Kò lè tún ohun tí kò yẹ kó wà nínú ìwé ṣe. Ìròyìn ikú, ẹ̀sùn tó kan ìwà ọmọ ẹni, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe kà á ní ohùn mẹ́rin gbogbo rẹ̀ ló ń dunni: ẹ má tún un kọ lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ẹ rán ènìyàn, tàbí kí ẹ dìde lọ. Bí èyí tó le bá sì ti lọ kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ má pa á rẹ́ lórí Wọ́tsáàpù kẹ́ ẹ dákẹ́. Àmì pé a pa nǹkan rẹ́ á wà níbẹ̀, ẹni náà á sì máa ro ohun tó burú jù. Ẹ pè é, kí ó gbọ́ ohùn yín.

Mo dúró níbẹ̀ ná. Wọ́n ní àwọn kan mú lẹ́tà ẹgbẹ́ wọn dání. Ẹ gbé e wá síwájú, kí ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ bá wa kà á sókè, ká jọ gbọ́ ọ.